Palú tó sá pamọ́ sí èkejì ọmọ

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámá. Oyún mi àkọ́kọ́ rè é, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 20. Mo sọ ní ilé ìlera níbí ní Kétu pé orí ń fọ́ mi, wọ́n gún mi níka, wọ́n ní kò sí palú lára mi. Síbẹ̀ wọ́n kó hóró oògùn funfun mẹ́ta fún mi, wọ́n ní kí n gbé e mì lójú àwọn. Palú kì í dá mi dùbúlẹ̀ rárá. Ìyá ọkọ mi ní òun bí mẹ́fà láìlo irú rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi oògùn àìsàn tí n kò ní ṣe? Fólíkì tí ọkọ mi rà bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ nìkan ni mò ń lò déédéé.*

Ọmọ mi, àyẹ̀wò yẹn kò parọ́, agbẹ̀bí tó kó oògùn fún ọ náà kò sì ṣì í ṣe. Ẹ̀jẹ̀ orí ìka ni wọ́n yẹ̀ wò. Palú tí à ń bá olóyún jà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé orí ìka.

Jẹ́ kí n ti ara rẹ bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dé. Ìwọ tí ẹ̀fọn ilẹ̀ wa ti ń jẹ láti ọjọ́ ìkómọ, kòkòrò palú ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ láìmọye ìgbà. Nígbà tí o wà ní kékeré ó dá ọ dùbúlẹ̀ dáadáa, o kò kàn rántí ni. Bi ìyá rẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ mọ ọ̀nà rẹ̀. Kò lé e lọ tán o. Ara àgbàlagbà tó ń gbé ìlú ẹ̀fọn kì í lé palú lọ tán, ó kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò fi ní lè gbérí.

Bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Kòkòrò palú á kó sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, á máa jẹ wọ́n látinú, á sì máa bí sí i níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò bá ti wọ̀ kì í rọ̀ mọ́, á le. Tó bá wá ṣàn dé ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà ní ìhà òsì lábẹ́ egungun ìhà, ọlọ inú á rí i pé èyí ti bàjẹ́, á sẹ́ ẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, kòkòrò á yọ ìkọ́ síta lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé, á fi ìkọ́ náà há ara rẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, kó má ṣàn dé ọ̀dọ̀ ọlọ inú. Oríṣiríṣi ìkọ́ ló ní, ó sì ń pààrọ̀ wọn bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ. Ara rẹ ti rí púpọ̀ nínú wọn láti kékeré, ó ti ní ọmọ ogun tó mọ̀ wọ́n lójú. Ìdí nìyẹn tí palú kì í fi í dá ọ dùbúlẹ̀, òótọ́ lo sọ.

Oyún wá dé, ẹ̀yà ara tuntun sì bá a dé, ibi ọmọ, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní èkejì. Kò sí ọkùnrin tó ní in, kò sì sí obìnrin tó ní in kó tó lóyún. Inú èkejì yìí ni ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ń rọ́ yí àwọn gbòǹgbò ọmọ ká, tí ọmọ ti ń fa oúnjẹ àti afẹ́fẹ́. Ara àwọn gbòǹgbò yẹn ni ohun kan wà tó lẹ̀ mọ́ wọn, irú ṣúgà kan. Nínú gbogbo ìkọ́ tí kòkòrò palú ní, ọ̀kan wà tó bá ṣúgà yìí mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Ọdún 1996 ni àwọn olùwádìí tó yẹ ibi ọmọ àwọn obìnrin Kẹ́ńyà wò sọ ọ́ fáyé pé kòkòrò tó há sínú èkejì yàtọ̀ sí èyí tó há síbòmíràn, pé ṣúgà yẹn ló ń dì mú.

Ara rẹ kò rí ìkọ́ yìí rí láyé. Níbo ni ì bá ti rí i? Ó dà bí ọdẹ tó mọ ipasẹ̀ gbogbo ẹran inú igbó, tí ẹran kan wá jáde lọ́sàn-án gangan tí kò sí nínú gbogbo èyí tí bàbá rẹ̀ fi hàn án. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé olóyún àkọ́kọ́ ni palú ń bá jà jù ní àgbègbè wa, kì í ṣe pé ara rẹ̀ di aláìlera lójijì.

Ìkọ́ yìí náà ló ń tan àyẹ̀wò jẹ. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ní kòkòrò á kóra jọ sínú èkejì, ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan ni yóò ṣẹ́ kù tó ń rìn káàkiri dé orí ìka. Nígbà mìíràn ìka á fi í hàn. Nígbà mìíràn ó pọ̀ nínú èkejì, ìka sì mọ́ tónítóní. Ara olóyún lè má gbóná rárá, torí àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi gbogbo tó kù. Ẹ̀rí tí yóò wà kò ní ju kí ó máa rẹ̀ ẹ́, kí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, kí ikùn rẹ̀ má gòkè bó ṣe yẹ. A sì mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe máa ń fesi sí èyí: “Oyún ni, bẹ́ẹ̀ ni oyún máa ń ṣe.”

Mo ní ọ̀kan tí n kò gbàgbé. Ọmọ ọdún 19, oyún àkọ́kọ́, láti abúlé oko kan lẹ́yìn ìlú. Ó kọ́kọ́ wá nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́rin ààbọ̀, ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn ni mo kó hóró mẹ́ta lé e lọ́wọ́, tí mo fún un ní omi, tí mo sì fi àmì sí ìwé olóyún rẹ̀ pé ó ti mu ún. A gún un níka ní ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí nǹkan. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bí, a wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, ó wà ní gíráàmù 7.6 nínú dẹ́sílítà kan. Ẹ̀jẹ̀ olóyún kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kọjá 11. Tó bá ti kọjá 7 lọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn. Oṣù rẹ̀ pé kó tó bí, àmọ́ ọmọ kò ju kílò 2.1 lọ. Ọmọ tí kò bá pé 2.5, a máa ń kà á sí ọmọ tó fúyẹ́ jù. Òtútù tètè ń mú un, àìsàn kékeré tí ọmọ mìíràn yóò là kọjá lè gbé e lọ.

Ọmọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ní kí n jẹ́ kí òun wo èkejì. Ó gé bíńtín lára rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ díńgí, ó kùn ún, ó sì pè mí. Mo fojú sí máíkírósíkóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní kòkòrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó wá bá wọn jà dì mọ́ wọn, eérú aláwọ̀ ilẹ̀ kan sì wà káàkiri bí ẹni da eruku áṣáà sí i. Eérú yẹn ni ìgbẹ́ kòkòrò palú, ohun tó kù lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ̀jẹ̀ tán. Irú èkejì bẹ́ẹ̀ á nípọn níbi tí kò yẹ kó ti nípọn, oúnjẹ ìyá kò sì ní í ráyè kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Inú ilé oúnjẹ ni ọmọ yẹn wà fún oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ nígbà tó ti mu oògùn ẹ̀ẹ̀mẹ́ta? Nígbà tí a ń tú ìró rẹ̀ lọ́jọ́ ìrọbí, mo rí kókó kan ní etí aṣọ. Mo rò pé owó ni. Hóró funfun ni, mẹ́fà, wọ́n ti ń rú sí ìyẹ̀fun. Ó ń fi wọ́n há ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń mu omi, ó ń jáde. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé oògùn náà ń ṣẹ́ oyún. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀: mo ń kọ̀wé nígbà tó yẹ kí n máa wo ẹnu rẹ̀, n kò sì bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Láti ìgbà náà, kí n tó kó oògùn fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n sọ fún un nípa rẹ̀.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, má jà wọ́n níyàn. Àmọ́ lọ́jọ́ tí inú wọn bá dùn, jókòó tì wọ́n, kí o fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n nípa àkọ́bí wọn nìkan: ṣé ó tóbi nígbà tí wọ́n bí i, ṣé ó tètè rìn, ṣé òun ni wọ́n kọ́kọ́ lóyún rẹ̀ àbí òmíràn ti wà ṣáájú. Ara máa ń kọ́ ìkọ́ èkejì náà bó ṣe kọ́ àwọn tó kù. Tó bá fi máa di oyún kẹta, ìkẹrin, ọmọ ogun fún un ti pọ̀, ìpalára á sì dín kù. Ṣùgbọ́n oyún àkọ́kọ́ ni ilé ẹ̀kọ́, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń san owó rẹ̀. Ìyẹn kò sọ pé kí olóyún kẹrin má mu oògùn o. Gbogbo oyún la fi ń mu ún.

Ká wá sí oògùn náà fúnra rẹ̀. Fánsídà ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan, súlfádósíìnì mílígíráàmù 500 àti pírímẹ́támíìnì 25, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì ń gbé mì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń pa èyí tó ti há sínú èkejì láìjẹ́ pé a rí i. Lẹ́yìn náà kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀: á máa dín kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kòkòrò tuntun tí ẹ̀fọn bá sì gbé wá lákòókò yẹn á bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dúró de àyẹ̀wò. Ohun tí àyẹ̀wò kò lè rí là ń mu ún fún.

A kì í fún olóyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, torí ìgbà yẹn ni à ń mọ ara ọmọ, oògùn yìí sì ń dènà èròjà fólíkì tí ara ọmọ nílò. Láti ọ̀sẹ̀ 13 ló bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí olóyún bá wá fún àyẹ̀wò, kó ṣáà ti tó oṣù kan sí èyí tó mu kẹ́yìn, títí di ìgbà ìbí. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ká ní o tètè wá ni, ò bá ti mu ti ọ̀sẹ̀ 13 àti ti 17. Mo mọ̀ pé a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ nílẹ̀ wa, ojú ayé pọ̀, àmọ́ agbẹ̀bí kì í ṣe ará ìta. Èyí tó kọjá ti kọjá. O mu àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ 20 yìí. Wá ní ọ̀sẹ̀ 24, 28, 32 àti 36, ó di márùn-ún nìyẹn kó tó di pé o rọbí. Bóyá o jẹun tàbí o kò jẹun, kò sí wàhálà. Ó lè rìn ọ́ níkùn tàbí kí ojú yí ọ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, pàápàá ti àkọ́kọ́. Bí o bá bì í kí o tó kúrò ní ilé ìlera, sọ kíá. Bí Bátírímù, tó ní irú súlfà tó wà nínú Fánsídà, tàbí oògùn mìíràn tó jọ ọ́ bá ti mú kí ara rẹ sú tàbí kó bó rí, jẹ́ kí wọ́n mọ̀, má gbé e mì. Olóyún tó ń lo Bátírímù lójoojúmọ́ nítorí kòkòrò éèdì kò gbọ́dọ̀ fi Fánsídà kún un, èyí tó ń lò yẹn ti ń dáàbò bò ó.

Kì í ṣe oògùn tó pé o. Kòkòrò palú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti ń mọ ọgbọ́n rẹ̀, ìyẹn la ò fi í lò ó mọ́ láti wo ẹni tí palú ti dá dùbúlẹ̀. Ní Wídà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, wọ́n fi oògùn mìíràn, mẹfulokíìnì, wé e lára àwọn olóyún, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2009: mẹfulokíìnì lé kòkòrò jù ú lọ, àmọ́ èébì àti òòyì tó fà pọ̀ débi pé a ò lè sọ fún olóyún tí ara rẹ̀ dá pé kó máa mu ún. Fánsídà la ṣì dúró tì, torí láìka àbùkù rẹ̀ sí, ọmọ àwọn tó ń mu ún léraléra ṣì ń wúwo ju ti àwọn tó mu ún lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ fólíkì rẹ ló kàn, òun ló tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Kòkòrò palú nílò fólíkì kó tó lè bí sí i, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ sè é. Fánsídà ń dáná rẹ̀ pa níbi tó ti ń sè é. Bí ìyá bá wá ń mu fólíkì púpọ̀, kòkòrò kò nílò iná mọ́, á bu ti ìyá jẹ. Fólíkì tí à ń fún olóyún pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìlera jẹ́ mílígíráàmù 0.4 lóòjọ́, èyí kò ba Fánsídà jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ lórí àtẹ ní òdìkejì ibodè, àwọn hóró kéékèèké aláwọ̀ òféfèé yẹn, mílígíráàmù 5 ni púpọ̀ nínú wọn. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí tìrẹ bá jẹ́ 5, gbogbo Fánsídà tí o bá mu yóò máa sáré lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Fólíkì kì í ṣe ohun búburú o, ọmọ nílò rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ là ń sọ. Dókítà lè ní ìdí tó fi ní kí ẹlòmíràn lo 5, bí ẹni tó ní àìsàn sẹ́ẹ̀lì onídòjé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, kí òun àti dókítà jọ sọ̀rọ̀.

Àwọ̀n ẹ̀fọn ńkọ́? Òun nìkan ni olóyún ní ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò sì gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn fẹ́ràn olóyún. Ní ilẹ̀ Gáńbíà, wọ́n kà wọ́n: ẹ̀fọn tó ń gbé palú tó wá sọ́dọ̀ olóyún tó bí ìlọ́po méjì èyí tó wá sọ́dọ̀ obìnrin tí kò lóyún, torí èémí olóyún pọ̀ ju tẹlòmíràn lọ, ara ikùn rẹ̀ sì móoru ju tẹlòmíràn lọ. Wọ́n tún rí ohun kan tí gbogbo wa mọ̀: ìtọ̀ ń gbé olóyún dìde lóru, ó ń jáde kúrò nínú àwọ̀n ní ìlọ́po méjì. Ra póò onídèérí, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Lásìkò ooru tí gbogbo ilé bá ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá, so àwọ̀n mọ́ igi tàbí òpó níta, má fi í sílẹ̀ sínú yàrá fún ògiri. Àwọ̀n tuntun, sá a sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan kí o tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Tó bá dọ̀tí, ọṣẹ jẹ́jẹ́ ni kí o fi fọ̀ ọ́, òjìji náà ni kí o sá a sí, oòrùn ń jẹ oògùn ara rẹ̀.

Bí ara bá gbóná, bí òtútù bá mú ọ, tàbí tí orí fífọ́ yẹn kò bá lọ, má sọ pé o ti mu Fánsídà. Lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an. Tí palú bá wà, oògùn mìíràn ni wọn yóò fún ọ, irú Kóátẹ̀mù, hóró mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o sì mu ún tán kódà bí ara bá ti tù ọ́ lọ́jọ́ kejì. Tí palú kò bá sì sí, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ, torí orí fífọ́ lẹ́yìn oṣù márùn-ún lè ní ìdí mìíràn tí kò bá ẹ̀fọn tan.

Ní báyìí, dìde, lọ wo páálí fólíkì náà. Wá nọ́ńbà tó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 5, tó sì jẹ́ pé ọkọ rẹ kàn rà á bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́, dá a dúró, mú un dání lọ bá agbẹ̀bí lọ́la, kó fún ọ ní èyí tó jẹ́ 0.4. Fánsídà tí o mu ní ilé ìlera lọ́jọ́ náà kò ṣòfò tán, má padà lọ mu òmíràn kí ọ̀sẹ̀ 24 tó pé.